Owó Oṣù Kan Náà, Owó Ìfẹ̀yìntì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ẹnìkan bá ríṣẹ́ tuntun, ìbéèrè tí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé èló ni wọ́n fẹ́ máa san fún un. Á dárúkọ owó, wọ́n á bá a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bí wọ́n ṣe pín owó náà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́: èló ni bésíìkì, èló ni owó ilé, èló ni owó ọkọ̀, èló ni wọ́n kó sábẹ́ àwọn àjẹmọ́nú yòókù. Bẹ́ẹ̀ ìpín yẹn ló ń pinnu iye tí wọn yóò máa yọ lóṣooṣù fún owó ìfẹ̀yìntì. Òun náà ló ń pinnu iye tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi kún un láti inú àpò tirẹ̀, ó sì ń kan iye tí òṣìṣẹ́ ń mú relé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbejì méjì ṣe àpẹẹrẹ. Táyé ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn, Kẹ́hìndé ń ṣiṣẹ́ ní òmíràn ní Abẹ́òkúta. ₦200,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù. Nígbà tí oṣù parí, ₦169,120 ló wọ báńkì Táyé, ₦174,560 ló wọ báńkì Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá wo owó báńkì nìkan á ní ibi iṣẹ́ Kẹ́hìndé sàn ju ti Táyé lọ. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin sọ, ká tó ṣí ìwé owó oṣù àwọn méjèèjì.

Ìdá mẹ́jọ nínú kí ni?

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Keje ọdún náà. Òun ló rọ́pò èyí tí wọ́n ṣe ní 2004. Lábẹ́ òfin àkọ́kọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ náà sì ń dá ìdá méje àbọ̀. Òfin 2014 gbé e sókè. Ó kéré tán, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ìdá mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdá méjìdínlógún, ó sì ń wọ inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ lè gbé gbogbo ẹrù náà fúnra rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀ lára òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá yan ọ̀nà yẹn, ohun tó máa san kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá ogún. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin yìí di dandan fún. Ilé-iṣẹ́ Táyé àti ti Kẹ́hìndé ti kọjá iye yẹn.

Ìdá mẹ́jọ tí à ń wí yìí, nínú èwo ni wọ́n ti ń yọ ọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń ṣì í. Àwọn kan rò pé inú gbogbo owó oṣù ni. Àwọn mìíràn rò pé inú bésíìkì nìkan ni. Òfin 2004 sọ ọ́ gbangba pé ohun mẹ́ta ni kí wọ́n rò pọ̀: bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Òfin 2014 yí i padà díẹ̀. Ó ní gbogbo owó tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ bá kà sí owó oṣù òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n fi ṣírò, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa fi ṣírò náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí àròpọ̀ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àròpọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ni ìsàlẹ̀ pátápátá tí agbanisíṣẹ́ lè dúró sí. Bó bá fẹ́ fi gbogbo owó oṣù ṣírò, ó dáa, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àmọ́ nítorí pé òun náà ń san ìdá mẹ́wàá lórí iye yòówù tó bá lò, ibi tí òfin ti fàyè gbà á pé kó má lọ sísàlẹ̀ mọ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ máa ń dúró sí. Owó oúnjẹ, owó iná, owó fóònù, owó aṣọ, owó àṣekún iṣẹ́ àti ẹ̀bùn ọdún kì í sábà sí nínú ìṣirò náà, àfi bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ bá kà wọ́n mọ́ ọn.

Ìwé owó oṣù Táyé

Bí wọ́n ṣe pín ₦200,000 Táyé nìyí:

Bésíìkì: ₦80,000
Owó ilé: ₦50,000
Owó ọkọ̀: ₦30,000
Owó oúnjẹ: ₦25,000
Owó iná àti fóònù: ₦15,000

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. ₦80,000, ₦50,000 àti ₦30,000 jẹ́ ₦160,000. Inú ₦160,000 yìí ni wọ́n ti máa yọ ìdá mẹ́jọ Táyé, èyí tó jẹ́ ₦12,800. Ọ̀gá rẹ̀ á san ìdá mẹ́wàá lórí ₦160,000 kan náà, ìyẹn ₦16,000. Owó ọ̀gá yìí kì í jáde látinú ₦200,000 Táyé. Orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń lé e. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦28,800 ló ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì Táyé, bẹ́ẹ̀ ₦12,800 péré ló jáde lára owó oṣù rẹ̀.

Kódà ₦12,800 yẹn kò dùn ún tó bó ṣe rí lójú, owó orí ló fà á. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kúrò nínú owó tó ń wọlé fún un, kí wọ́n tó ṣírò owó orí lórí èyí tó kù. Nínú èyí tó kù náà, wọn kò ní gba owó orí kankan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. ₦2,200,000 tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n máa gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí. Owó tó bá kọjá ìyẹn ní ìdá tirẹ̀ tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kan àwọn ìbejì wa.

Owó Táyé lọ́dún jẹ́ ₦2,400,000. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦153,600. Ẹ yọ ọ́, ó ku ₦2,246,400. Ẹ yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦1,446,400. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ jẹ́ ₦216,960 lọ́dún, ìyẹn ₦18,080 lóṣù. Tí a bá yọ ₦12,800 àti ₦18,080 kúrò nínú ₦200,000, ₦169,120 ló ṣẹ́kù. Òun ni owó àmúrelé Táyé tí a rí níbẹ̀rẹ̀.

Ká wá ní wọn kò yọ owó ìfẹ̀yìntì rárá ńkọ́? Owó orí Táyé á gòkè sí ₦20,000 lóṣù, ₦180,000 ni yóò sì mú relé. Nítorí náà, ohun tí owó ìfẹ̀yìntì dín kù gan-an nínú owó àmúrelé rẹ̀ jẹ́ ₦10,880. ₦1,920 tó kù nínú ₦12,800 jẹ́ owó tí ì bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Táyé fi ₦10,880 sílẹ̀ lóṣù, ₦28,800 ló sì rí nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Bó bá ń gbé ilé àyágbé, ó tún ní ohun kan tó lè dín owó orí náà kù: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ, ni òfin gbà kí wọ́n yọ kí wọ́n tó ṣírò. Bó bá san ₦400,000 fún onílé, ₦80,000 ni wọ́n máa yọ, owó orí rẹ̀ á sì fi ₦1,000 dín lóṣù. Kẹ́hìndé náà ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kò ní kà á mọ́ àwọn ìṣirò tó ń bọ̀. Ẹ má sì da owó ilé tí òṣìṣẹ́ san fún onílé yìí pọ̀ mọ́ owó ilé tó wà nínú ìwé owó oṣù. Ti àkọ́kọ́ ń dín owó orí kù. Èkejì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, bóyá ilé bàbá ẹni lèèyàn ń gbé o, bóyá ilé àyágbé ni.

Ìwé owó oṣù Kẹ́hìndé

Kẹ́hìndé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ń gba ₦200,000 bíi ti àbúrò rẹ̀. Ìpín rẹ̀ ló yàtọ̀:

Bésíìkì: ₦40,000
Owó ilé: ₦20,000
Owó ọkọ̀: ₦20,000
Owó oúnjẹ: ₦50,000
Owó aṣọ: ₦40,000
Owó iná àti fóònù: ₦30,000

Àròpọ̀ ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ₦80,000 péré. ₦120,000 ti sá lọ sábẹ́ oúnjẹ, aṣọ, iná àti fóònù. Ìdá mẹ́jọ Kẹ́hìndé jẹ́ ₦6,400. Ìdá mẹ́wàá ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ₦8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦14,400, ìdajì ohun tó ń wọlé fún Táyé gẹ́lẹ́. Owó orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti Táyé lọ, ó jẹ́ ₦19,040, nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n kọ́kọ́ yọ kéré. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ₦174,560 ló mú relé.

Ẹ fi àwọn méjèèjì síra. Kẹ́hìndé fi ₦5,440 ju Táyé lọ lówó àmúrelé. Táyé fi ₦14,400 ju Kẹ́hìndé lọ nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì. Nínú ₦14,400 yẹn, ₦6,400 jẹ́ owó Táyé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ₦8,000 jẹ́ owó ọ̀gá, èyí tí Kẹ́hìndé kò rí rárá, kò rí i lọ́wọ́, kò rí i ní àkáǹtì. Lọ́dún kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkáǹtì méjèèjì jẹ́ ₦172,800. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ó ti di ₦3,456,000, kí a tó ka èrè kankan lé e.

Ta ló jàǹfààní ₦8,000 tó sọnù lóṣooṣù? Agbanisíṣẹ́ Kẹ́hìndé ni. Bó bá ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí owó wọn rí bíi ti Kẹ́hìndé, ₦800,000 ló ń fi pamọ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan nípasẹ̀ bó ṣe pín owó lórí ìwé. Òfin kò sì sọ iye tí bésíìkì gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú àròpọ̀ owó oṣù. Ohun tí ọ̀gá náà ṣe wà lábẹ́ òfin, bí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó gbé ìpín náà kalẹ̀.

Ó yẹ ká gbọ́ ti Kẹ́hìndé náà. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ lè sọ pé ₦5,440 òní ló wúlò fún òun. Owó tó bá ti wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ohun téèyàn lè yọ nígbà tó bá wù ú. Ó di ìgbà téèyàn bá pé àádọ́ta ọdún tàbí tó fẹ̀yìn tì, èyí tó bá gbẹ̀yìn nínú méjèèjì. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó sì lo oṣù mẹ́rin láìrí òmíràn, òfin gbà á láyè kó yọ ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ọjà náà sì ń jẹ iyì owó tó bá pẹ́ nílẹ̀. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Àmọ́ bí Kẹ́hìndé bá sọ pé òun á máa fi owó tirẹ̀ kún àkáǹtì náà láti bá Táyé dọ́gba, òfin fàyè sílẹ̀ fún irú owó àfínnúfíndọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpò rẹ̀ nìkan ni gbogbo ₦14,400 náà ti máa jáde. Kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún un.

Ibi tí ìṣirò ti ń dojú rú

Ohun tí a ti sọ títí dé ibí bófin mu. Àwọn àṣìṣe mẹ́ta kan wà tí kò bófin mu, òṣìṣẹ́ sì lè fi ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù rẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Èkíní ni kí wọ́n máa fi bésíìkì nìkan ṣírò. Ẹ mú owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n kọ sára ìwé owó oṣù yín, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12.5. Ohun tó bá jáde ni iye tí wọ́n fi ṣírò ìdá mẹ́jọ. Bí ti Táyé bá jẹ́ ₦12,800, ìlọ́po rẹ̀ á gbé ₦160,000 jáde, ó sì bá ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ mu. Ṣùgbọ́n ká ní ₦6,400 ni wọ́n yọ lára Táyé. Ìlọ́po 12.5 rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Iye tí bésíìkì rẹ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn, wọ́n ti gbójú fo owó ilé àti owó ọkọ̀. Irú èyí rọrùn láti gbà bí ẹni pé oore ni wọ́n ṣe fúnni, nítorí owó àmúrelé á lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ti dín ₦16,000 tirẹ̀ kù sí ₦8,000 láìbófin mu.

Èkejì ni kí agbanisíṣẹ́ yọ ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ lára òṣìṣẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti dárúkọ owó kan fún òṣìṣẹ́ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n sì wá sọ lẹ́yìn náà pé gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ náà máa ná ilé-iṣẹ́ ni owó náà, ìdá mẹ́wàá ọ̀gá sì wà nínú rẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí Táyé, ₦16,000 á kúrò nínú ₦200,000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ₦184,000 ni owó oṣù rẹ̀ gan-an á sì jẹ́. Bí wọ́n bá fi bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí wọ́n gé e lára oúnjẹ àti iná, owó àmúrelé rẹ̀ á bọ́ sí ₦155,520. Ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ dáadáa. Bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ₦184,000 ni owó oṣù, àdéhùn nìyẹn, ẹni tó fọwọ́ sí i ti gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ₦200,000 ló kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù, tí ìwé owó oṣù sì fi hàn pé ₦28,800 ni wọ́n yọ fún ìfẹ̀yìntì, ọ̀gá ti gbé ẹrù tirẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lórí, òfin kò sì fàyè gba ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: kí wọ́n yọ owó lára òṣìṣẹ́ kí wọ́n má sì fi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje sí ọjọ́ tí wọ́n san owó oṣù ni òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ti fi ìdá méjìdínlógún náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà fún ilé-iṣẹ́ alábòójútó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìtanràn wà lórí rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí kò san fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi jẹ́ ẹ.

Ìwé owó oṣù kò lè fi èyí hàn, nítorí ọ̀gá ló tẹ̀ ẹ́. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ló ń fi í hàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `PEN`. Ilé-iṣẹ́ alábòójútó máa ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sórí ímeèlì, òṣìṣẹ́ sì lè béèrè fún un nígbàkígbà. Nínú rẹ̀, owó òṣìṣẹ́ wà lọ́tọ̀, owó agbanisíṣẹ́ wà lọ́tọ̀, pẹ̀lú oṣù tí wọ́n san án fún. Ohun méjì ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́, ṣé oṣù kankan kò fò? Èkejì, ṣé owó agbanisíṣẹ́ tó ìlọ́po 1.25 owó òṣìṣẹ́? Bí ti Táyé bá jẹ́ ₦12,800, ti ọ̀gá gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦16,000. Bí ₦12,800 nìkan bá wọlé, ìpín ọ̀gá kò dé. Bí ọ̀gá náà bá san ₦12,800, ìdá mẹ́jọ ló san dípò ìdá mẹ́wàá.

Ẹni tó bá rí irú àléébù bẹ́ẹ̀, akáńtáńtì ilé-iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí nígbà mìíràn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí lẹ́tà tàbí orúkọ tí kò bá ara mu ló dá owó dúró lọ́nà. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, kó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ alábòójútó rẹ̀, lẹ́yìn náà sí Pẹ́nkọ́ọ̀mù, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Kó so ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà mọ́ ọn. Àjọ yìí ní àwọn aṣojú tó ń yẹ ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wò, tí wọ́n sì ń gba owó tí wọ́n jẹ pẹ̀lú ìtanràn rẹ̀.

Bí owó oṣù bá lé

Ọ̀rọ̀ ìpín kò parí síbi ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi owó kún owó oṣù, ìbéèrè yẹn tún jíǹde: abẹ́ èwo ni wọ́n fi àfikún náà sí?

Ká ní wọ́n fi ₦20,000 kún owó Táyé, tó sì di ₦220,000. Bí wọ́n bá fi í sábẹ́ bésíìkì, àròpọ̀ ìlà mẹ́ta á di ₦180,000. Ìdá mẹ́jọ rẹ̀ á di ₦14,400, ti ọ̀gá á di ₦18,000, ₦32,400 á sì máa wọ àkáǹtì lóṣù. Owó àmúrelé rẹ̀ á jẹ́ ₦184,760. Bí wọ́n bá fi ₦20,000 kan náà sábẹ́ owó oúnjẹ, owó ìfẹ̀yìntì kò ní yí padà rárá, ₦28,800 tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Owó àmúrelé á jẹ́ ₦186,120. Ìyàtọ̀ owó àmúrelé jẹ́ ₦1,360, ti àkáǹtì ìfẹ̀yìntì jẹ́ ₦3,600.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé gbogbo àfikún ni wọ́n ń kó sábẹ́ àwọn àjẹmọ́nú mìíràn, tí bésíìkì kò sì kúrò níbi tó wà. Òṣìṣẹ́ á ka owó oṣù rẹ̀, á rí i pé ó ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún díẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Ìgbà tó bá wo àkọsílẹ̀ ìfẹ̀yìntì ló máa rí i pé iye tí wọ́n ń san fún un lọ́dún àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ṣì ń san.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà tí kì í pín owó oṣù rárá. Owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àdéhùn, wọn kò dárúkọ bésíìkì, owó ilé tàbí owó ọkọ̀. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, owó kan ṣoṣo yẹn ni ìwé àdéhùn kà sí owó oṣù, òun náà ló yẹ kí wọ́n fi ṣírò. Bí ti Táyé bá rí bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́jọ ₦200,000 ni wọ́n máa yọ, ìyẹn ₦16,000, ọ̀gá á sì san ₦20,000.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù láti tún ṣe ni kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpín náà ti di àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó bá kọ̀ láti fi owó kún owó oṣù lè gbà láti tún un pín, nítorí iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kò yí padà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń béèrè mọ̀ pé ohun tí òun ń béèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ọ̀gá. Gbogbo ₦10,000 tó bá kúrò lábẹ́ owó oúnjẹ tó sì bọ́ sábẹ́ bésíìkì ń ná ọ̀gá ní ₦1,000 sí i lóṣù, ó sì ń dín owó àmúrelé òṣìṣẹ́ tó wà nípò àwọn ìbejì wa kù ní ₦680. Òṣìṣẹ́ náà á wá rí ₦1,800 sí i nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ méjì síwájú ẹnìkan, tí owó ọ̀kan sì ga díẹ̀ ju èkejì lọ, kó gba ìpín owó méjèèjì lórí ìwé. Kó ro ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, kó wá ìdá mẹ́wàá rẹ̀, kó sì fi í kún àròpọ̀ owó oṣù náà. Iye tó bá jáde ni ohun tí agbanisíṣẹ́ náà fẹ́ máa san fún un gan-an. Bí a bá ṣe é fún àwọn ìbejì wa, ti Táyé jẹ́ ₦216,000, ti Kẹ́hìndé jẹ́ ₦208,000. Ẹni tó ní ₦200,000 ni àwọn méjèèjì ń gbà kò purọ́, àmọ́ ₦8,000 wà nínú iṣẹ́ Táyé tí kò ka.